Kí Ló Dé Tí NIG Kì í Ṣe Nàìjíríà?

Mo ní àṣìṣe kan láti tún ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn ara ògiri wa tó kọjá, èmi ni mo ya àtẹ àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì Rio 2016 fún Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Nàìjíríà gba fàdákà kan àti idẹ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Idẹ yẹn nìkan la gbà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ọkùnrin ló sì gbà á. Ará Nìjẹ̀r ló ni fàdákà. Abdoulrazak Issoufou Alfaga ló gbà á nínú ìjà tẹkwọńdò, láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n wúwo ju kílò 80 lọ.

Tíṣà Jọ́gíráfì wa ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n dúró níwájú pátákó, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá pè mí.

"Ìgbà wo la gba fàdákà ní Rio?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀ sà. NIG ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "NIG wo? Lọ wo ibi tí wọ́n kọ NGR sí."

Mo lọ wò ó. NGR wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú idẹ kan ṣoṣo. Ohun tó dùn mí jù ni pé fàdákà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ará Nìjẹ̀r yẹn, àmì-ẹ̀yẹ kejì péré ni wọ́n tíì gbà ní Òlíńpíìkì. Èyí àkọ́kọ́ ni idẹ tí Issaka Dabore gbà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Munich, lọ́dún 1972. Ẹ wá gbọ́ o: ní Munich yẹn kan náà, Isaac Ikhouria gba idẹ fún Nàìjíríà, nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn náà ni. Ká ní ti ọdún 1972 ni mo yà, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ pé mo gbé ti ẹnìkan fún ẹlòmíì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kóòdù Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà tí Tóbi Amusan sá eré tó fi ṣe àkọsílẹ̀ ayé, ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ní Eugene lọ́dún 2022, NGR ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje FIFA, NGA lẹ máa rí. Bí ẹ bá sì ní páásípọ́ọ̀tù nílé, ẹ wo ìlà méjì tó kún fún àwọn àmì ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí fọ́tò wà. `P<NGA` ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìnnà ń lo kóòdù ISO, ìyẹn àjọ tó ń ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ayé. ISO àti FIFA wá bára mu lórí tiwa, Òlíńpíìkì nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n lórí Nìjẹ̀r, ISO ń kọ NER, Òlíńpíìkì àti FIFA sì jọ ń kọ NIG. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà dàrú díẹ̀?

Ẹ wo àwọn lẹ́tà náà dáadáa. N, I, G ni orúkọ orílẹ̀-èdè méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. N, G, R náà wà nínú orúkọ méjèèjì. NGA nìkan ló ní lẹ́tà tí kò sí nínú orúkọ Nìjẹ̀r, ìyẹn A. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ojú inú sọ ti ta ni NIG, yóò sọ pé tiwa ni, yóò sì ṣì í.

Kí ló fà á tí wọn ò fi jọ lo ọ̀kan? Ìdí kan ni pé kóòdù àwọn eléré ìdárayá dàgbà ju ti ISO lọ. Òlíńpíìkì ti ń kọ lẹ́tà mẹ́ta fún orílẹ̀-èdè láti ìgbà tí àwọn bàbá àgbà wa wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tó bá gbàlejò ló sì máa ń fi èdè tirẹ̀ kọ ọ́. Ní Róòmù lọ́dún 1960, GIA ni wọ́n pe Jàpáánù, torí pé Giappone ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Nígbà tó fi máa di 1972, púpọ̀ nínú kóòdù wọn ti dúró sójú kan. Ọdún 1974 ni ISO ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Àwọn eléré ìdárayá kò sì rí ìdí tí wọn ó fi máa tún gbogbo èsì àtijọ́ kọ.

Èdè tún dá sí i. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè Òlíńpíìkì, nítorí náà GER ni Jámánì, ALG sì ni Àlùjéríà. Nígbà míì, ISO máa ń mú orúkọ tí àwọn onílé ń pe ara wọn: DEU láti inú Deutschland, DZA fún Àlùjéríà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ohun tí wọ́n ń kà gan-an kò dọ́gba. ISO ń ka orílẹ̀-èdè àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Òlíńpíìkì ń ka ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì, FIFA ń ka ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí ENG fi wà nínú FIFA tí kò sì sí nínú ISO. Lójú ISO, Ìlú Ọba lódindi ni GBR.

Wọ́n máa ń yí i padà nígbà míì ṣá. Ní London 2012, SIN ni Síńgápọ̀, tó túmọ̀ sí "ẹ̀ṣẹ̀" lédè Gẹ̀ẹ́sì (mo rẹ́rìn-ín títí). Ní Rio, ó ti di SGP bíi ti ISO.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn fi kọ̀ǹpútà so àtẹ Òlíńpíìkì mọ́ àtẹ ISO, kó máa fúnra rẹ̀ kọ orúkọ orílẹ̀-èdè. A dán an wò. Nígbà tó dé orí NGR àti NIG, kò rí nǹkan kan, ó fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo. Ìyẹn dára, torí àyè òfìfo á jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó burú ni BRN. Lójú Òlíńpíìkì, Bàhréènì ni. Lójú ISO, Brúnéì ni. Winfred Yavi sáré fún Bàhréènì ní Paris 2024, ó gba wúrà nínú eré 3,000 mítà tí wọ́n ń fo igi àti omi. Kọ̀ǹpútà wa gbé wúrà náà fún Brúnéì wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí àyè òfìfo kankan. Brúnéì kò sì tíì gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì rí, fàdákà o, idẹ o.

Ní báyìí, mo ti ń kọ ọ́ sórí gbogbo àtẹ pé ti Òlíńpíìkì ni kóòdù inú rẹ̀, tàbí ti FIFA, tàbí ti ISO. Àtẹ Rio tí mo tún yà wà lápá òsì pátákó yìí: NIG, Nìjẹ̀r, fàdákà 1, NGR, Nàìjíríà, idẹ 1.