Yíyan Máàkì Àṣeyege fún Ìdánwò Ìmọ̀-ọ́n-ṣe: Ìlànà Angoff Nínú Ìdánwò Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá gba 50 nínú 100, tí ìdánwò ẹni kìíní le koko, tí ti ẹnì kejì sì rọrùn bí ẹ̀kọ jíjẹ, máàkì wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kò dọ́gba. Síbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi 40 tàbí 50 ṣe máàkì àṣeyege fún gbogbo ìdánwò láìwo bí ìbéèrè inú wọn ṣe rí. Bí ó bá jẹ́ pé a kàn fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ipò kejì ni, àléébù yìí lè má hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá olùkọ́ ọ̀la lè kọ Yorùbá sílẹ̀ bó ti tọ́, kí ó tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, máàkì náà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó iṣẹ́ náà yóò gbà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí a fi ń wá iye bẹ́ẹ̀ láti inú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Orírun Ìlànà Náà

William Angoff, onímọ̀ nípa ìdánwò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlànà yìí. Nínú orí ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 1971, ó ní kí a ro ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó, kí a sì wo ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹni náà yóò gbà á tàbí kò ní í gbà á. Inú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé ni ó ti mẹ́nu ba ẹ̀dà tó padà gbajúmọ̀ jù: kí adájọ́ sọ iye irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò gba ìbéèrè náà. Angoff fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ Ledyard Tucker ni èrò náà ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orí Ààlà

Kí àwọn adájọ́ tó ṣí ìwé ìbéèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹni tí wọn yóò máa rò. Ẹni náà ni a ó pè ní akẹ́kọ̀ọ́ orí ààlà níhìn-ín. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín kíláàsì, kì í sì í ṣe ẹni ìkẹyìn. Òun ni ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀ sí i, a kò ní í lè fi kíláàsì lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Nínú ìdánwò èdè Yorùbá, wọ́n lè kọ ọ́ báyìí: ó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láìṣìnà, ó ń pín ọ̀rọ̀ bí àkọtọ́ ọdún 1974 ti là á sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣe àṣìṣe nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń kọsẹ̀ bí a bá ní kí ó dárúkọ ìgbésẹ̀ tó yí ìró padà. Bí àpèjúwe yìí kò bá sí, adájọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa ro akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, máàkì tí wọ́n bá sì pa pọ̀ kò ní í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ Ìdájọ́

Kí a mú ìbéèrè márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin tí a ó ti mú ẹyọ kan. Ìkíní bèèrè èwo ni irinṣẹ́ àgbẹ̀ nínú *ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀* àti *ọ̀kọ̀*. Ìkejì fẹ́ kí a mú gbólóhùn tí a ti kọ *nígbà tí* bó ṣe tọ́. Ìkẹta bèèrè ìgbésẹ̀ tó sọ *ará ìlú* di *aráàlú*, tí í ṣe àrànmọ́. Ìkẹrin bèèrè irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú *Òjò ba iṣẹ́ jẹ́*, tí í ṣe ẹlẹ́là. Ìkarùn-ún bèèrè iye fáwẹ́lì àìránmúpè.

Ìbéèrè kan náà ni adájọ́ márààrún ń dáhùn láìwo iwé ara wọn: bí 100 akẹ́kọ̀ọ́ orí ààlà bá ṣe èyí, mélòó ni yóò gbà á?

Àtẹ 1: Ìdájọ́ àkọ́kọ́

| Ìbéèrè | A | B | D | F | G | Ìpíndọ́gba |
|---|---|---|---|---|---|---|
| 1 | 90 | 85 | 95 | 90 | 90 | 90 |
| 2 | 70 | 40 | 75 | 65 | 70 | 64 |
| 3 | 55 | 50 | 90 | 45 | 60 | 60 |
| 4 | 40 | 15 | 45 | 35 | 40 | 35 |
| 5 | 80 | 80 | 75 | 85 | 80 | 80 |
| Àpapọ̀ | 335 | 270 | 380 | 320 | 340 | 329 |

Àpapọ̀ ìpíndọ́gba jẹ́ 329, ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ orí ààlà yóò gba 3.29 nínú ìbéèrè 5. Ṣùgbọ́n adájọ́ B ní 2.70 tó, D sì ní ó di 3.80. Irú ìyàtọ̀ báyìí ni ó yẹ kí wọ́n jókòó lé lórí kí ẹnikẹ́ni tó kéde máàkì.

Ohun tí Ìjíròrò Fi Hàn

Lórí ìbéèrè kejì, B ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kì í yéé kọ *nígbàtí*. Nígbà tí wọ́n padà sí àpèjúwe tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ó rí i pé àwọn tó gbẹ̀yìn kíláàsì ni òun ń rò. Ó sọ 40 di 60.

Àṣìṣe D lórí ìbéèrè kẹta yàtọ̀. Ó ní kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò yẹ kó mọ àrànmọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kọ́ ni wọ́n bi í, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ orí ààlà yóò ṣe gan-an ni. Àpèjúwe wọn sì ti sọ pé ibẹ̀ ni ó ti ń kọsẹ̀. Ó sọ 90 di 60. Àṣìṣe yìí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín olùkọ́, òun ni ó sì máa ń gbé máàkì ga ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n lọ.

Lórí ìbéèrè kẹrin, 15 tí B kọ kò rọrùn láti gbè lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó kàn mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, yóò gbà á ní ìgbà 25 nínú 100. Àyàfi bí ìdáhùn òdì kan bá ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, ìdájọ́ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 25. B sọ ọ́ di 30.

Lẹ́yìn èyí, àpapọ̀ di 330, èyí tí í ṣe 3.30 nínú 5, tàbí 66 nínú 100. Máàkì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, nítorí pé àṣìṣe B ń fà á wálẹ̀ bí ti D ṣe ń fà á sókè. Ohun tó yí padà ni ìṣọ̀kan wọn: ẹni tó kéré jù di 3.05, ẹni tó ga jù di 3.50. Bí B kò bá sí níbi ìjókòó àkọ́kọ́ ni, ìpíndọ́gba ì bá ti gòkè sí 3.44. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àpapọ̀ àkọ́kọ́ nìkan.

Bí ìbéèrè inú ìdánwò gbogbo bá jẹ́ 40, tí ìpíndọ́gba sì dúró sí 66, máàkì àṣeyege yóò jẹ́ 26.4. Kò sí ẹni tó lè gba ìdá ìbéèrè, nítorí náà, yálà 26 tàbí 27 ni. Kí ìdánwò tó wáyé ni kí ìgbìmọ̀ ti pinnu èyí tí wọn yóò mú. 27 yóò dín ewu gbígba ẹni tí kò tó kù. 26 yóò dín ewu dídá ẹni tó tó padà kù.

Ibi tí Ìlànà Náà Kù sí

Ìdájọ́ ènìyàn ní òpin. Nínú ìwádìí tí Impara àti Plake tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, olùkọ́ 26 ni wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ wọn yóò ti ṣe nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Ìdíwọ̀n wọn fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lápapọ̀ sàn ju ti àwọn tó wà ní orí ààlà lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó péye dáadáa nínú méjèèjì.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìdánwò, kí a kó ìwé àwọn tí máàkì wọn wà láàárín 25 àti 28 jọ, kí a ka iye wọn tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn adájọ́ bá ti sọ 54 fún ìbéèrè kẹta, tí ó sì jẹ́ pé 20 péré nínú 100 irú wọn ló gbà á, ó lè jẹ́ pé ìdáhùn tí a fi ṣe atọ́nà kò tọ̀nà, tàbí kí ìbéèrè náà ní ìdáhùn méjì, tàbí kí àwọn adájọ́ ti ṣì í díwọ̀n. Ìbéèrè náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìkádìí

Ìlànà Angoff kò mú ìdájọ́ ènìyàn kúrò nínú máàkì àṣeyege. Ó kàn gbé e síbi tí a ti lè rí i ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 26 bá bèèrè ìdí tí wọ́n fi dá a padà, ìgbìmọ̀ tó mú 27 lè gbé àpèjúwe, ìdájọ́ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n fi yan 27 kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tó kàn fi 50 lélẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é kò ní ohun tí yóò gbé kalẹ̀.