Pòròpórò Àgbàdo àti Ewé Ẹ̀pà: Oúnjẹ Àgùtàn fún Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní oṣù Kínní, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, àgùtàn a máa rù, ọmú èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ a sì máa gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ìbá gbà wọ́n ti jẹrà sí oko láti oṣù Keje, nígbà tí a ya àgbàdo tútù tí a sì fi pòròpórò rẹ̀ sílẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí a lè sá a gbẹ nígbà náà. Nítorí náà, kí a rì í sínú ihò, kí ó kan gẹ́gẹ́ bí ògì ti í kan. Iṣẹ́ náà bọ́ sí àkókò tí ìkórè ńlá kòkó kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tí ó ní àgùtàn 10 gbẹ́ ihò mẹ́rin sí ibi gíga tí omi kì í dúró sí. Kí gígùn àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, kí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ihò ńlá kan ṣoṣo kò dára, nítorí pé bí a bá ti ṣí ihò, afẹ́fẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Ihò kékeré kan gba nǹkan bí 200 kílò. Bí àgùtàn kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ kílò kan ààbọ̀ lóòjọ́, yóò tán ní ọjọ́ 13, kí ó tó bàjẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì tó nǹkan bí 50 ọjọ́.

Ẹ gé pòròpórò náà nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ní ọjọ́ tí a ya àgbàdo tàbí ní ọjọ́ kejì. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó má gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan: bí omi bá ń kán sílẹ̀, ẹ sá a fún ìlàjì ọjọ́, bí ó bá dì mọ́ra tí àtẹ́lẹwọ́ kàn rin, ó tọ́. Ẹ máa dà á sínú ihò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gidigidi, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá kù sínú ni í mú un hu. Kí ihò kan kún ní ọjọ́ kan náà. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ kó erùpẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì la ojú omi yí i ká. Ẹ má ṣí i kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Èyí tí ó dára pọ́n díẹ̀, ó sì ń ta òórùn kíkan bí omi ògì. Èyí tí ó dúdú, tí ó ń yọ̀, tí ó ń rùn, tàbí tí ó hu, ẹ dà á nù.

Ṣùgbọ́n pòròpórò nìkan kò lè gbé àgùtàn ró; ewé ẹ̀pà ni í fún un ní ohun tí ń mú ẹran ara dàgbà. Bí a bá hú ẹ̀pà ní oṣù Kọkànlá, tí a sì já a tán, kí a sá ewé rẹ̀ sí oòrùn fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà kí a gbé e sórí àkéte lábẹ́ ibòji, kí a máa yí i pẹ̀lẹ́, kí ewé má baà já dànù. Nígbà tí igi rẹ̀ bá ń dá pàkà, ó ti gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí a ti kó o jọ, kí a ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà: bí ó bá gbóná, ó ṣì tutù nínú, kí a tún un sá. Ìdá mẹ́rin kílò kan lóòjọ́ tó fún àgùtàn kan, pẹ̀lú èyí tí a rì sínú ihò.