Ìlà Pupa Dà? Bí A Ṣe Lè Tẹ Sílàìdì ní Dúdú àti Funfun Kó Ṣì Ṣeé Kà

Ní ìsinmi tó kọjá, mo kọ́ àwọn ọmọ ọgbọ̀n ní bàọ́lọ́jì nílé wa ní Kábà. Ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. A ò ní pùròjẹ́kítọ̀, iná ọba náà kò sì ṣeé gbára lé, ni mo bá ní kí n tẹ sílàìdì mi sórí bébà. Ẹ̀dà kan péré ni mo tẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ní ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì pé kí wọ́n bá mi ṣe é ní ọgbọ̀n.

Nígbà tá a dé orí gíráàfù tó ń fi bí àgbàdo ṣe ń ga hàn, mo ní, "Ẹ wo ìlà pupa. Kí ló sọ fún wa nípa ajílẹ̀ òyìnbó?" Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè: "Bọ̀ọ̀dá, èwo ni pupa níbẹ̀?"

Mo gba ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: pupa fún ajílẹ̀ òyìnbó, àwọ̀ ewé fún ìgbẹ́ adìẹ, búlúù fún àgbàdo tí a kò fi nǹkan kan sí. Àmọ́ lórí bébà, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn kan ti méfò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àgbàdo tí kò rí ajílẹ̀ kankan ló ga jù. Ká ní mi ò béèrè ni, ohun tí wọn ì bá gbé wọ yàrá ìdánwò nìyẹn.

Kí ló dé tí pupa àti àwọ̀ ewé fi di ọ̀kan?

Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń dúró fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n pupa (R), ìwọ̀n àwọ̀ ewé (G) àti ìwọ̀n búlúù (B). Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Tí a bá fẹ́ sọ àwọ̀ di eérú, a gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí di ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà ṣe é nìyí:

```
Y = 0.299R + 0.587G + 0.114B
```

Àwọ̀ ewé ló gba ìpín tó pọ̀ jù nítorí pé òun ni ojú èèyàn ń rí bí ohun tó mọ́lẹ̀ jù. Búlúù ló gba èyí tó kéré jù. Tí Y bá jẹ́ 0, dúdú ni. Tó bá jẹ́ 255, funfun ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìlà mẹ́ta tèmi. Pupa mi jẹ́ 255, 0, 0. Tí a bá fi 0.299 sọ 255 di púpọ̀, a ó rí 76. Àwọ̀ ewé mi jẹ́ 0, 128, 0, òun náà sì fún wa ní 75. Búlúù mi jẹ́ 0, 112, 192, ìyẹn já sí 88. Ṣẹ́ ẹ rí i? Àwọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ pátápátá lójú kọ̀ǹpútà di 76, 75 àti 88. Kò sí ojú tó lè ya 76 sọ́tọ̀ kúrò lára 75.

Fọ́tòkọ́pì tún dá kún un

Ẹ lè sọ pé kí n kàn yan àwọ̀ tí eérú wọn jìnnà síra. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo tónà dúdú kò ní tónà eérú kankan nínú. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń to àwọn àmì dúdú tíntìntín sórí bébà funfun, ojú wa á sì pa wọ́n pọ̀ bí eérú. Tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bá wá ya àwòrán àwọn àmì yẹn, àwọn tó sún mọ́ra á lẹ̀ mọ́ra di dúdú, àwọn tó jìnnà síra á sì pòórá. Eérú fẹ́ẹ́rẹ́ á di funfun, eérú tó ṣú á di dúdú kirikiri. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ aláwọ̀ ṣíṣú náà á dí, á sì jẹ tónà bí ẹni jẹ ẹ̀kọ.

Nítorí náà, bí ìwé yín bá máa gba abẹ́ fọ́tòkọ́pì kọjá, ẹ má fi eérú gbé ìtumọ̀ kankan.

Ohun tí mo tún ṣe

Mo kọ́kọ́ sọ ilẹ̀ sílàìdì di funfun, mo sì sọ gbogbo lẹ́tà di dúdú. Lẹ́yìn náà, mo yí ìrísí ìlà mẹ́ta yẹn padà: mo fa ọ̀kan gbọọrọ láìjá, mo gé èkejì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo sì fi tó-tó-tó ṣe ẹ̀kẹta. Nínú PowerPoint, ẹ tẹ ìlà náà, ẹ lọ sí `Format Data Series`, kí ẹ wá yan `Dash type`. Mo kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀ gan-an dípò àpótí àlàyé aláwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báyìí, mo lè sọ pé "ẹ wo ìlà tó gé" kí gbogbo ọmọ sì rí i.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ṣí `View`, kí ẹ tẹ `Grayscale`, ẹ ó rí bó ṣe máa rí. `Black and White` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló le jù.

Bébà ńkọ́?

Sílàìdì mi jẹ́ 24. Ká ní mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà tirẹ̀ fún ọmọ 30, bébà 720 ni, ó ju rímù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó mẹ́fà sójú ewé kan nígbà àkọ́kọ́, ní ojú méjèèjì: bébà méjì fún ọmọ kan, 60 lápapọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n sílàìdì tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ti di nǹkan bíi 8. Lẹ́tà mi tó jẹ́ póìntì 24 wá di èyí tó lé díẹ̀ ní 5. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì?

Dípò kí n máa fún wọn pọ̀, mo dín wọn kù. Mo da fáìlì náà kọ, mo wá yọ ojú ewé àkọlé, "ẹ ṣé o," àwòrán ẹ̀ṣọ́, àti àwọn sílàìdì tó ń tún ara wọn sọ torí pé mo ń ṣí kókó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku 16. Mo sọ ọ́ di PDF, mo ṣí i nínú Adobe Reader. Mo tẹ `Multiple`, mo yan 4 fún `Pages per sheet`, mo fi bébà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú `Landscape`. Bébà tó dùbúlẹ̀ fún sílàìdì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14, lẹ́tà póìntì 24 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Tí ẹ bá ń tẹ ojú méjèèjì, ẹ yan `Flip on short edge`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn bébà á dorí kodò.

Sílàìdì 16, mẹ́rin sójú kan, ojú mẹ́rin, bébà méjì. Fún ọmọ 30, ó ṣì jẹ́ 60. Bébà ò fi ẹyọ kan lé, lẹ́tà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ní ìlọ́po méjì.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ pé kí màmá ṣe ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n tún ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀dà yẹn gan-an. Wọ́n wò mí pé, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀dà ẹ̀dà ṣe?" Mo fi han ọmọ kan tó ń ra bírò níbẹ̀, mo ní kó fi ìlà tó gé hàn mí. Ó fi ìka lé e lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sanwó ọgbọ̀n.