Àpèjúwe ni Alágbẹ̀dẹ Ń Rọ

Àpèjúwe ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ẹni tó dé ilé arọ tó ní kí wọ́n bá òun rọ nǹkan, tí kò sọ bóyá ọkọ́ ni tàbí àdá, yóò jókòó ti ewìrì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí lẹ́tà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe.

Òkè-Òyì, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Ẹni tó ń gbé àárín Ìlọrin tó bá wọn ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ débẹ̀. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dá ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ti wọgbó nìyẹn, iṣẹ́ òòjọ́ sì ti bọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi káfíńtà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan gbé àga 40 fún un láti ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ₦22,000 lẹ́yọ kan, ₦880,000 lápapọ̀. Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún un, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́ẹ̀lì-pí-ó, nọ́ńbà 0047 ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2025 ni wọ́n sì kọ sí i. Ó kó 25 lọ, wọ́n san owó ìyẹn. Ó kó 15 tó kù lọ, ó retí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá kọ̀wé: “Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí owó mi tó kù lọ́wọ́ yín. Mo ti parí iṣẹ́ ọ̀hún tipẹ́, ìyàwó àti ọmọ ló ń wojú mi. Ọlọ́run yóò túbọ̀ máa tì yín lẹ́yìn.”

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé lẹ́tà yìí wọlé. Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé sí i lára, ó wá ń wá fáìlì tí yóò fi í sí. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú lẹ́tà, orúkọ nìkan ló rí dì mú. Káfíńtà tó ń ṣe àga fún ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, orúkọ wọn a sì máa jọra. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú: lẹ́tà bọ́ sínú fáìlì ẹlòmíràn. Kódà bó bọ́ sí fáìlì tirẹ̀, akápò kò lè fi àánú kọ fáúṣà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé tó gbé iṣẹ́ jáde, kó mọ̀ pé ẹrù dé sítọ́ọ̀, kó mọ iye tó kù gan-an, kó sì fi ẹ̀rí gbogbo rẹ̀ há fáúṣà náà lára, nítorí ọ́dítọ̀ abẹ́lé ń bẹ níwájú tí yóò dá a padà bí ìwé kan bá dín.

Nọ́ńbà ni ká kọ́kọ́ mú. Bí ọ́fíìsì bá ti kọ̀wé sí yín rí, nọ́ńbà tí wọ́n pè ní “tiwa” lórí ìwé wọn ni yóò di “tiyín” lórí lẹ́tà yín. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, àti lẹ́tà, àti ìlà tó dá gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, àti òǹkà tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan a máa gé ìdí rẹ̀ kúrò torí pé ó gùn. Ìdí yẹn ló sì sábà máa ń sọ abala fáìlì tàbí ojú ewé tí ìwé náà wà. Ẹni tó gé e sọ àdúgbò, kò sọ ilé.

Ọjọ́ ńkọ́? Ẹ má kọ 03/04/2025. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin nìyẹn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù. Ẹ ya ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún yín sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ tí ẹrù dé, nítorí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ìwé ìṣúná ọdún ń tì. Àga tó dé lóṣù Kọkànlá tí wọn kò sanwó rẹ̀ títí ọdún fi yí, gbèsè ọdún tó kọjá ló dà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án sì yàtọ̀. Bí ọjọ́ bá ṣókùnkùn, akápò kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà.

Ibi tí káfíńtà wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú wàhálà jù ni iye owó. Owó àga 25 jẹ́ ₦550,000, ṣùgbọ́n ₦539,000 ló wọ báńkì rẹ̀. Ó fi ìyẹn yọ kúrò nínú ₦880,000, ó sì fẹ́ kọ ọ́ pé ₦341,000 ló kù. Owó orí ni wọ́n ti yọ ₦11,000 fún kí tirẹ̀ tó wọlé. Lójú ìwé akápò, ₦550,000 ni wọ́n san, ₦330,000 péré ló kù. Bó bá kọ ₦341,000, ìwé méjèèjì kò ní bára mu, ìbéèrè sì dé. Iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí ni kí ẹ máa kọ, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí náà lọ́tọ̀.

Lẹ́tà tó yẹ kó kọ nìyí:

“Owó àga 15 tó kù lórí ẹ́ẹ̀lì-pí-ó 0047 ti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2025: ₦330,000. Àga 40 ni ẹ gbé fún mi ní ₦22,000 lẹ́yọ kan. Ẹ ti san ti 25, ₦550,000 kí ẹ tó yọ owó orí. Mo kó 15 tó kù dé sítọ́ọ̀ yín ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2025, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ sì fọwọ́ sí i (Àfikún 2). Orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì mi wà nínú ínífọ́ìsì (Àfikún 3). Àfikún: 1, ẹ̀dà ẹ́ẹ̀lì-pí-ó, ojú ewé kan, 2, ìwé ìgbẹrù, ojú ewé kan, 3, ínífọ́ìsì, ojú ewé kan.”

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Pínnì a máa yọ, fáìlì a máa jábọ́. Nítorí náà, ẹ kọ “0047, Àfikún 2” sórí ìwé ìgbẹrù fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyókù, kí èyí tó bá já lè padà sílé. Ẹ wo orúkọ àkáǹtì dáadáa: bí ẹ́ẹ̀lì-pí-ó bá gbé orúkọ ilé iṣẹ́, tí ínífọ́ìsì wá gbé àkáǹtì tí ẹ fi orúkọ ara yín ṣí, fáúṣà yóò padà. Òǹkà àkáǹtì sì gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá.

Lẹ́tà tó pé kò lè bí owó sínú àpò tí kò ní. Ohun tó lè ṣe ni pé bí owó bá dé, kò ní sí ohun tí wọn yóò tún bi yín. Torí náà, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí èyí tí ẹ óò mú padà sílé, nítorí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ óò tọ́ka sí bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà ìránnilétí.

Bí ẹ bá sì ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ẹ lọ tú ẹ́ẹ̀lì-pí-ó yín jáde kí ẹ tó mú gègé.