Ẹ Wo Ẹni Tó Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka pàjáwìrì, ariwo kọ́ la fi ń pín aláìsàn. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ kán ń ké, ṣùgbọ́n ó ń mí dáadáa, ìka rẹ̀ gbóná, ó sì ń mì wọ́n: yẹ́lò ni. Ọmọ ọdún 2 tó ti ń yàgbẹ́ olómi láti àná, tó sùn jẹ́ẹ́ léjìká ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ tú u sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó padà, tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń sọ kíákíá láìlágbára, pupa ni. Ẹ gbé e wọlé kí wọ́n tó ya káàdì, ẹ sì pe dókítà. Ẹ má ṣe gbàgbé aláwọ̀ ewé níta. Ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò.