Ipá tí ń bẹ láàárín wáyà méjì tí iná mànàmáná ń ṣàn nínú wọn

Ní ọjọ́ kan, a gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lára bébà dídán inú páálí sìgá, a so wọ́n rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a sì fi bátìrì ọkọ̀ rán iná sínú wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, kí wọn má baà jó. Iná gba inú méjèèjì lọ sí òkè, wọ́n sì fà mọ́ ara wọn. A wá pààrọ̀ ẹnu bátìrì, a ń retí pé wọn yóò yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fà mọ́ra bí ti ìṣáájú. Kí ni ìdí rẹ̀?

Ní ọdún 1820, Oersted ará Denmark rí i pé wáyà tí iná ń ṣàn nínú rẹ̀ a máa yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì padà. Ní ọdún náà gan-an ni Ampère ará Faransé fi hàn pé irú wáyà méjì bẹ́ẹ̀ a máa fa ara wọn tàbí kí wọ́n ti ara wọn. Nítorí náà, wáyà kìn-ín-ní kò fi ọwọ́ kan èkejì: agbára òòfà tí ó yí i ká bí òrùka ni ó ń ṣiṣẹ́ lára èkejì.

Ẹ jẹ́ kí wáyà A wà ní ìwọ̀-oòrùn, kí B wà ní ìlà-oòrùn, kí iná méjèèjì sì máa lọ sí òkè. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún di A mú, tí àtàǹpàkò kọjú sí òkè, àwọn ìka yòókù yóò fi hàn pé òòfà A kọjú sí àríwá ní ibi tí B wà. Òfin ọwọ́ òsì ti Fleming wá sọ fún wa pé a ó ti B sí ìwọ̀-oòrùn, èyíinì ni sí ọ̀dọ̀ A. Bákan náà ni a ó ti A sí ọ̀dọ̀ B.

Bí a bá yí iná A nìkan padà, òòfà rẹ̀ yóò kọjú sí gúúsù, a ó sì ti B sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ iná B nìkan ni a yí padà, òòfà A wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ipá tí ó ń ṣe lára B yóò yí padà. Ṣùgbọ́n bí a bá yí méjèèjì padà, ìyípadà kan pa èkejì rẹ́. Èyí ni àṣìṣe wa: ẹnu bátìrì yí iná ọ̀já méjèèjì padà pọ̀. Nígbà tí a so ìsàlẹ̀ ọ̀já méjèèjì pọ̀, tí iná ń gòkè nínú ọ̀kan tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú èkejì, wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn lójú ẹsẹ̀.

Ipá náà kéré. Bí ámpíà 10 bá wà nínú wáyà kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ipá tí ń bẹ lórí mítà 1 kò ju ìwúwo ìdá márùn-ún gíráàmù kan lọ. Ìdí nìyí tí a fi lo bébà fífẹ́lẹ́, tí a kò lo wáyà líle.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí wé orí òòfà, níbi tí irú kan náà ti ń ti ara wọn. Iná tí ó jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà a máa fa ara wọn.