Ìràwọ̀ Mẹ́rin: Ìyìn ni àbí Ojú Àánú?

Ìbéèrè: Mò ń wá òtẹ́ẹ̀lì sí Ìjẹ̀bú-Òde fún àlejò Ojúde Ọba. Lórí Google Maps, ẹnì kan fún ọ̀kan ní ìràwọ̀ mẹ́rin, ó sì kọ̀wé pé omi ò yọ. Ṣé kí n gbà á?
— Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin

Ìdáhùn: Ojú àánú ni mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ gbà gbọ́. Àmọ́ mẹ́rin ẹlòmíràn lè jẹ́ ìyìn gidi. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ wo iye tó fún àwọn ibòmíràn. Bó bá jẹ́ pé márùn-ún ló ń fún gbogbo wọn, ẹ̀sùn ni mẹ́rin rẹ̀. Bó bá ti fún àwọn kan ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè gbára lé e.